Bébà ń yọ́ létí ilẹ̀kùn fíríìjì: ṣé rọ́bà ti kú ni?

“Fíríìjì onílẹ̀kùn méjì ni mo ní, fírísà wà lókè. Bí iná bá ti wà, kì í dákẹ́, omi sì máa ń sun bí òógùn létí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Mo ki bébà bọ ẹnu ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe kọ́ mi: ó dì í mú níbi tí a ti ń fọwọ́ ṣí i, ṣùgbọ́n lápá híńjì, nísàlẹ̀, ńṣe ló kàn ń yọ́ jáde. Ẹni tó ń bá wa tún fíríìjì ṣe ní kí n ra rọ́bà tuntun. Ṣé dandan ni?” Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

Kò tíì di dandan. Apá híńjì nísàlẹ̀ tí ẹ dárúkọ yẹn ni rọ́bà tó ṣì lókun nínú ti sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe bí òkú. Bébà á fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà hàn yín, bí ibẹ̀ bá sì ṣe rí ni a ó fi mọ̀ bóyá omi àti ọṣẹ ló kù, tàbí ooru, tàbí owó rọ́bà tuntun. Ẹ jẹ́ kí á tún ìdánwò náà ṣe dáadáa ná, torí bébà máa ń tan ènìyàn bí a bá kánjú fà á.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà, kí ẹ fi ìka méjì fún rọ́bà etí rẹ̀ pọ̀. Ẹ ó kan ohun líle kan nínú rẹ̀ tó rí bí okùn pẹlẹbẹ. Òòfà nìyẹn. Lẹ́yìn òòfà yìí ni ara rọ́bà ti ṣẹ́ po bí aṣọ tí wọ́n ká ní ìlọ́po, afẹ́fẹ́ sì wà nínú ìṣẹ́po náà. Òòfà ló ń fa rọ́bà mọ́ irin ara fíríìjì, ṣùgbọ́n ìṣẹ́po yẹn ló gbọ́dọ̀ nà kí òòfà tó lè dé ibi irin. Bí ìṣẹ́po bá ti gan, tàbí tí ìdọ̀tí dì í pa, òòfà á máa fẹ́ lọ, kò ní rí ọ̀nà lọ. Èyí ló fà á tí rọ́bà tí òòfà rẹ̀ kò ní àbùkù kankan fi lè máa jẹ́ kí bébà yọ́, òun náà ló sì fà á tí wọ́n fi ń ju ọ̀pọ̀ rọ́bà tó ṣì wúlò nù.

Bébà funfun tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì ló dára jù fún ìdánwò yìí. Ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó sì gùn tó 20. Owó náírà ni àwọn mìíràn ń lò, ṣùgbọ́n owó tó ti gbó máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, bó ṣe ń yọ́ kò sì bá ti owó tuntun mu, ẹ kò ní mọ èyí tí ẹ ó gbà gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ nu rọ́bà àti irin tó kọjú sí i gbẹ. Òógùn tí ẹ sọ pé ó wà létí ilẹ̀kùn yẹn á lẹ bébà mọ́ irin, ẹ ó sì rò pé rọ́bà ló dì í mú. Ẹ má kó àwọn ìgò kúrò lára ilẹ̀kùn. Bí ẹrù ṣe máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni kí ó wà.

Ẹ ki bébà sí i kí ìdajì rẹ̀ wà nínú, kí ìdajì wà níta, kí ẹ sì rọra ti ilẹ̀kùn bí ẹ ṣe máa ń tì í. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dúró, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wọ inú fíríìjì nígbà tí a ṣí i máa ń tutù lọ́gán, ó máa ń sún kì, a sì máa fa ilẹ̀kùn mọ́ra fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ti rí i rí pé bí ẹ bá ti fíríìjì tán tí ẹ fẹ́ tún un ṣí lójú ẹsẹ̀, ó máa ń le. Afẹ́fẹ́ ló ń dì í mú nígbà yẹn. Bí ẹ bá fa bébà ní àkókò náà, ibi tó ń jò gan-an lè dì í mú.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, ẹ fa bébà jáde ní tààrà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láì já a gbà. Níbi tí rọ́bà ti dára, ẹ ó rí i pé ó ń dá ọwọ́ yín dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ títí bébà á fi tán, bí ìgbà tí ẹ ń fa bébà lábẹ́ ìwé ńlá tí ẹ gbé lé e lórí. Níbi tó ti ń rẹ̀ ẹ́, ó máa dì í mú díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á jọ̀wọ́ rẹ̀. Níbi tó ti ń jò, bébà á wá bí ẹni fa á láti inú afẹ́fẹ́, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ lè já bọ́ fúnra rẹ̀ kí ọwọ́ yín tó kàn án. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni kí ó wà láàrin ibi kan sí èkejì, yíká gbogbo ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ sì dán ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́tọ̀. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní 55, tó sì ga ní 95, á ní ibi 30. Ẹ lè ki bébà 6 sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má bàa gbà yín lọ́jọ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára irin níbi tó bá ti ń yọ́. Kò sí ohun tó kan iná nínú ìdánwò yìí, òòfà kò lo iná, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é nígbà tí fíríìjì ṣì tutù, nítorí rọ́bà tó tutù máa ń gan ju èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e sínú fíríìjì kí ojú rẹ̀ kọ sí ìgun tí ẹ fura sí, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì pa iná yàrá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ bí okùn tín-ín-rín, ẹ ti rí ojú ihò náà. Bébà nìkan kò tó fún ìgun, torí òòfà lè di bébà mú dáadáa kí rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an sì ti ṣẹ́ sínú.

Ní báyìí, ẹ wo àmì ṣọ́ọ̀kì yín. Bí ó bá jẹ́ pé yíká gbogbo ilẹ̀kùn ni bébà ń yọ́, rọ́bà ti gan tán tàbí pé kì í ṣe òun ni wọ́n ṣe fún ilẹ̀kùn yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé látòkè délẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ni, tí àlàfo tó wà láàrin ilẹ̀kùn fírísà àti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ sì dà sí ẹ̀gbẹ́, híńjì ló ti yẹ̀, rọ́bà kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bí bébà bá dì mú lẹ́yìn tí ẹ kó ìgò omi kúrò lára ilẹ̀kùn, híńjì náà ni. Ṣùgbọ́n tiyín wà ní ìgun kan ṣoṣo. Ká ní àmì yín bẹ̀rẹ̀ láti ìgun ìsàlẹ̀ lápá híńjì, tó gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 20, tó sì gba ìsàlẹ̀ lọ tó 10, tí gbogbo ibi yòókù sì dì mú. Rọ́bà tó ti ká sábẹ́ ara rẹ̀ ló máa ń ní irú àmì bẹ́ẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀ nìyí. Lápá ibi tí a ti ń fọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn, rọ́bà máa ń wá bá irin ní ojúkojú, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lápá híńjì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni rọ́bà ń gbà yí wá, ó gbọ́dọ̀ fi ara yọ̀ lórí irin díẹ̀ kó tó jókòó. Bí irin àti rọ́bà bá mọ́, tí wọ́n ń dán, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá dà sílẹ̀ nínú fíríìjì ń ṣàn lọ: mọ́ọ̀tì, omi ọsàn, ọbẹ̀, epo pupa. Ó á gbẹ, á di lẹ́ẹ̀mọ́. Nígbà tí rọ́bà bá fẹ́ yọ̀ lórí rẹ̀, á dì í mú, etí rọ́bà á sì yí sínú. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ nígbà 20 lójúmọ́, rọ́bà á kọ́ ọ mọ́ra, á máa wà ní kíká bẹ́ẹ̀ kódà nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá ìgun náà dọ́gba. Etí tó yẹ kó yọ síta á ti wọlé sábẹ́, nínú ìṣẹ́po ẹ ó sì rí ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti dì, nígbà mìíràn pẹ̀lú èébu dúdú.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 1 àti ṣíbí tíì kan ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́lùbọ́ ti tó. Ẹ fi ìka kan fa ìṣẹ́po rọ́bà là, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ inú rẹ̀ ní gígùn, kí ẹ má fọ̀ ọ́ ní ìbú, torí ìbú ló ń ya á. Èébu dúdú ń fẹ́ béékìn sódà ṣíbí tíì 2 tí ẹ fi omi díẹ̀ pò kí ó ki. Ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi bẹtiróòlù, karosíìnì tàbí tínà kàn án, bí ìdọ̀tí náà ti wù kó le tó. Òróró kan wà tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà yìí nígbà tí wọ́n ṣe é, òun ló jẹ́ kó rọ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí á fà á jáde. Lọ́jọ́ náà rọ́bà á mọ́ tónítóní, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á gan bí igi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Irin tó kọjú sí rọ́bà náà ń fẹ́ fífọ̀ bákan náà, àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka ra á. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ tún un fọ̀. Bí ó bá ń ha ìka, ìpẹtà ló yọ síbẹ̀, ẹ fi yánrìn-bébà tó kúná jùlọ ha á kí ó tẹ́jú, kí ẹ sì fi ọ̀dà díẹ̀ kùn ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ délẹ̀.

Ẹ nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tún ki bébà sí ojú àmì ṣọ́ọ̀kì. Nígbà mìíràn iṣẹ́ ti parí síbẹ̀. Bí ó bá ṣì ń yọ́, rọ́bà ti mọ́, àmọ́ kò tíì gbàgbé bó ṣe ká. Ooru ló kàn.

Háńdì dráyà tí àwọn onídìrí ń lò ló rọrùn jù. Ẹ gbé e sí ooru tó kéré, kí ó jìnnà sí rọ́bà tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì máa gbé e lọ gbé e bọ̀ lórí ibi tó ká, láì dúró lójú kan. Láàrin ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ ó rí i pé ó ti ń tẹ̀ lé ìka yín. Ibi tí ó bá ti ń gbóná jù fún ìka yín láti dúró lé, ẹ dáwọ́ dúró. Bí ojú rọ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán lójijì, ó ti fẹ́ yọ́ nìyẹn, rọ́bà tó bá sì ti yọ́ máa ń sún kì bí ó bá tutù, ìgun á wá fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ lo àbẹ́là tàbí áyọ́ọ̀nù. Ẹni tí kò ní dráyà, kó da omi híhó àti omi ẹ̀rọ pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ooru rẹ̀ á lé díẹ̀ ní dígírì 60. Kó rì táwẹ́ẹ̀lì kékeré sí i, kó fún un, kó sì dì í mọ́ ìgun náà, kó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjìméjì títí tí ìṣẹ́jú 10 á fi pé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Bí ó bá ti rọ̀, ẹ fi ìka fa etí tó ká náà jáde, kí ẹ fà á kọjá ibi tó yẹ kó wà díẹ̀, torí bó bá tutù á tún padà sẹ́yìn. Ẹ lọ́ bébà ìròyìn kí ó nípọn tó pẹ́ńsùlù, ẹ ki í sínú ìṣẹ́po kí ó gbé etí náà dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí títí rọ́bà á fi tutù pátápátá, bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ ti lè kó oúnjẹ sínú kúlà ṣáájú. Lẹ́yìn náà ẹ yọ bébà náà.

Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ fi fasilíìnì kékeré pa rọ́bà lápá híńjì àti ìgun ìsàlẹ̀ nìkan. Èyí tó tó hóró ẹ̀wà kan ti tó fún gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà. Ẹ fi aṣọ nù ún títí tí yóò fi ku dídán lásán. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí rọ́bà lè yọ̀ lórí irin láì tún yí sínú. Àwọn tó ń kùn ún nípọn yíká ilẹ̀kùn ń pe eruku ni, nígbà ọyẹ́ pàápàá, eruku náà á sì di ìdọ̀tí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kúrò. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi téèpù bébà dì í, kí ẹ má sì ṣí i títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Kí ẹ tó fi téèpù dì í, ẹ yẹ ìjókòó fíríìjì wò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì, kí ẹ fi sílẹ̀. Ó yẹ kó rọra padà fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń ṣí sí i, ẹ yí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kí iwájú fi bíi mìlímítà 6 sí 10 ga ju ẹ̀yìn lọ. Bí híńjì òkè bá ń mì, ẹ fi sukurudiráfà tàbí sípánà tú sukúrúù rẹ̀ díẹ̀, kí ẹnì kan gbé ilẹ̀kùn dọ́gba, kí ẹ sì dì í le.

Rọ́bà tó yẹ ní rírà ni èyí tó ya, èyí tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ tí kò padà sípò, àti èyí tí òòfà inú rẹ̀ ti dá. Ẹ fi píìnì abẹ́rẹ́ kan mọ òòfà: ẹ gbé e lé ojú rọ́bà ní ìgun tó ń jò, lẹ́yìn náà ní ibi tó dára. Bí píìnì bá rọ̀ mọ́ ibi kan tó sì ń já bọ́ ní èkejì, dráyà kò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Fíríìjì tòkunbọ̀ sábà máa ń ní ìṣòro yìí, torí rọ́bà rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún pípẹ́ níbòmíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú fíríìjì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì, kí ẹ sì bèèrè èyí tí ìgun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ọ̀kan láti ilé iṣẹ́. Èyí tí wọ́n gé tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ ní ìgun, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ló máa kọ́kọ́ jò. Bí rọ́bà yín bá jẹ́ irú tí wọ́n ń tẹ̀ wọnú ihò gbọọrọ lára ilẹ̀kùn, ihò sí ihò ni ẹ ó wọ̀n, ẹ má wọ̀n etí sí etí. Rọ́bà tuntun máa ń wá ní kíká, ẹ rì í sínú omi gbígbóná ti dígírì 60 náà fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tẹ ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà àárín, kí ẹ tó tẹ èyí tó kù. Bí ó bá jẹ́ sukúrúù ló dì í mú, ẹ kàn tú wọn díẹ̀. Ẹ má yọ gbogbo rẹ̀, àwọn ló ń mú ilẹ̀kùn dúró gbọọrọ, bí wọ́n bá kúrò tán, ilẹ̀kùn á lọ́.

Ní ọjọ́ kejì àtúnṣe, ẹ ki bébà sí àwọn àmì ṣọ́ọ̀kì. Ẹ gbé ife omi kan tí tẹmómítà wà nínú rẹ̀ sí àárín fíríìjì ní alẹ́, kí ẹ wò ó láàárọ̀ bí iná bá wà títí. Dígírì 3 sí 5 ló yẹ kó wà. Bí bébà bá dì mú yíká, tí kọmpurẹ́sọ̀ kò sì sinmi rárá, ẹ wo eruku tó wà lára àwọn páìpù ẹ̀yìn fíríìjì, ẹ wo bóyá iná tó ń wọlé kò lágbára, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe oníṣẹ́ kó wo tẹmósítáàtì àti gáàsì. Bí irin etí ilẹ̀kùn bá lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, ẹ má fòyà: ọ̀pọ̀ fíríìjì ní páìpù gbígbóná tí wọ́n gbà kọjá níbẹ̀ kí omi má bàa sun. Òógùn tó bá ṣì wà lójú kan ṣoṣo ni kí ẹ ka sí ìjò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ki bébà sí ìgun ìsàlẹ̀ yẹn nìkan. Bí ó bá ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ tún ooru fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi bébà ìròyìn náà sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ó bá tún padà ká lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ lọ ra rọ́bà tuntun.